Bí A Ṣe Ń Fún Orí Kejì Gígùn Di Àtẹ Olójú-ewé Méjì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra àtigbèjà pírójẹ́ẹ̀tì wọn ní Òṣogbo ló máa ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí. Àpẹẹrẹ kan náà la fi dáhùn gbogbo wọn. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣiṣẹ́ lórí Igbó Ọ̀ṣun. Orí Kejì rẹ̀, níbi tó ti yẹ iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ wò, gba ojú-ewé 38, ó sì tọ́ka sí iṣẹ́ 46. Wọ́n wá ní kó fún un di àtẹ olójú-ewé méjì péré.

Kí ni àtẹ yìí, kí ló sì fi yàtọ̀ sí àkójọ àwọn ìwé tí mo kà?

Kókó ọ̀rọ̀ ló máa ń jẹ ìlà nínú àtẹ yìí, kì í ṣe ìwé. Ẹni tó bá fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ yóò ní ìlà 46, kò ní wọ ojú-ewé méjì láéláé, ẹni tó ń kà á ni yóò sì tún máa fi ojú ara rẹ̀ wá ohun tó so àwọn iṣẹ́ náà pọ̀. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí ẹ ṣe.

Ẹ lè dán an wò báyìí: ẹ fi ọwọ́ bo òpó tí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wà. Bí ohun tó kù bá ṣì ń sọ nǹkan nípa Igbó Ọ̀ṣun, àtẹ ni. Bí ó bá jẹ́ pé “ó ṣe ìwádìí lórí”, “ó yẹ wò”, “ó sọ̀rọ̀ nípa” nìkan ló kù, àkójọ ìwé ni.

Òpó mélòó ló yẹ kó ní?

Mẹ́rin tó. Èkíní ni kókó, èkejì ni ohun tí àwọn iṣẹ́ náà fẹnu kò lé lórí, ẹ̀kẹta ni ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yapa, ẹ̀kẹrin ni orúkọ àwọn iṣẹ́ àti ọdún wọn.

Ẹ yí bébà A4 dábùú. Fífẹ̀ rẹ̀ á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 29.7. Bí ẹ bá fi 2 sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, 25.7 ló kù. Ẹ pín in báyìí: 3.7 fún kókó, 9 fún ìfẹnukò, 8 fún ìyapa, 5 fún orúkọ. Àwọn kan máa ń fi òpó karùn-ún kún un fún ọ̀nà ìwádìí, òmíràn fún àlàfo, òmíràn fún ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí òpó bá ti di mẹ́fà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ni yóò máa wà lórí ìlà kan, àpótí á wá gùn bí ọ̀pẹ, ojú-ewé kẹta á sì dé kí ẹ tó mọ̀. Ọ̀nà ìwádìí tó bá ṣe pàtàkì, inú òpó ìyapa ló ń gbé, nítorí òun ló sábà máa ń fa ìyapa.

Ọ̀rọ̀ mélòó ni ojú-ewé méjì gbà?

Bí ìwọ̀n lẹ́tà bá jẹ́ 10, tí ìlà kò sì jìnnà síra, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 900 ni. Ojú-ewé 38 tí ìlà rẹ̀ jìnnà síra tó nǹkan bí 10,500, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan ló ń kù nínú méjìlá. Ẹ ò lè fi pípa ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, kan lọ́hùn-ún dé ibẹ̀. Ṣe lẹ máa tún un kọ.

Ẹ pín ọ̀rọ̀ 900 yìí bí owó kí ẹ tó ná an. Orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún á jẹ bíi 100. Ó ku 800. Bí kókó bá jẹ́ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 160, bíi 90 fún ìfẹnukò, 60 fún ìyapa, ìyókù fún àkọlé. Ẹ kọ iye yẹn sí orí ìlà kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, nítorí kókó tí èèyàn mọ̀ jù ló máa ń jẹ àyè àwọn tó kù.

Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n ṣí Orí Kejì kí n máa gé e?

Ẹ má gé e. Bí ẹ ṣe ń rí ìwé ni ẹ ṣe to Orí Kejì, kì í ṣe bí àwọn ìwé náà ṣe tan mọ́ra. Bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, ẹ máa gbé e wọ àtẹ ni.

Àtẹ méjì lẹ máa ṣe. Èkíní ni àtẹ inú ilé, tí àlejò kò ní rí; èkejì ni àtẹ ìta, èyí olójú-ewé méjì. Fún ti inú ilé, ẹ ṣí Excel, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, láti ìlà 2 dé ìlà 47. Òpó A ni orúkọ àti ọdún. Òpó B ni ohun tí wọ́n wò, ibi tí wọ́n ti wò ó, àti oṣù tàbí ọdún tí wọ́n wò ó. Òpó C lọ sí iwájú ni àwọn kókó, ẹ tẹ x sí èyí tí iṣẹ́ náà bá kàn. Lẹ́yìn àwọn kókó, ẹ fi òpó kan sílẹ̀ fún gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ohun tí iṣẹ́ náà fi múlẹ̀, ní ọ̀rọ̀ ẹnu tiyín, àti òpó kan fún ojú-ewé tí ẹ ti rí i.

Nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kí gbólóhùn yẹn ti wá, kì í ṣe nínú Orí Kejì yín. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 46 á tó bíi wákàtí mẹ́jọ. Ọjọ́ méjì ni. Ẹni tó bá fo ìpele yìí máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí àtẹ ìta.

Báwo ni mo ṣe máa mọ kókó tó tọ́?

Ẹ jẹ́ kí kókó àkọ́kọ́ pọ̀ bó ṣe fẹ́, mẹ́wàá tàbí méjìlá. Lẹ́yìn náà ẹ ka x tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ èyí sí ìlà 48 lábẹ́ òpó C, kí ẹ sì fà á lọ sí ọ̀tún:

```
=COUNTIF(C2:C47,"x")
```

Kókó tí kò bá ní tó iṣẹ́ mẹ́ta, ẹ pa á pọ̀ mọ́ òmíràn tàbí kí ẹ yọ ọ́. Kókó tó bá gba ju ìdajì lọ ti fẹ̀ jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, “àṣà” gba 31 nínú 46. Lórí Igbó Ọ̀ṣun, kí ni kì í ṣe àṣà? Irú kókó bẹ́ẹ̀ kò ya ohunkóhun sọ́tọ̀, ẹ là á. Ó di ìjọsìn àti ọdún Ọ̀ṣun lápá kan, ọnà àti ère lápá kejì. Ohun tó kù ni òfin àti ìdáàbòbò igbó, ìrìn-àjò afẹ́ àti owó, àti omi odò. Márùn-ún pé.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tó dà bí kókó tí kì í ṣe kókó. Pé wọ́n kéde igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, pé wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ sí hẹ́kítà 75 ní 1992, pé UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005, ìtàn ni gbogbo ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lé e. Gbólóhùn kan péré ló tó wọn nínú ìlà òfin. Ohun tó ń jẹ́ kókó ni ìbéèrè tí àwọn iṣẹ́ náà ń dáhùn: ta ló ní àṣẹ lórí igbó láti ìgbà náà, àwọn olùsìn ni àbí ìjọba?

Nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ kókó lórúkọ. “Ìrìn-àjò afẹ́” kò sọ nǹkan kan. “Ohun tí àlejò ń mú wọ̀lú àti ohun tó ń ná igbó” ti sọ ibi tí ìjà wà.

Iṣẹ́ kan bọ́ sí abẹ́ kókó mẹ́ta. Ibo ni mo máa fi í sí?

Ẹ fi sí méjì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí Probst kọ lórí Òṣogbo ní 2011 kan ọnà, ó kan ọ̀rọ̀ ogún àti ìdáàbòbò, ó sì kan owó. Ẹ béèrè pé: bí mo bá yọ iṣẹ́ yìí kúrò lábẹ́ kókó yìí, ṣé gbólóhùn kan nínú àpótí máa ṣubú? Níbi tó bá ti máa ṣubú ni kó wà.

Ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn pawọ́ pọ̀ kọ ńkọ́?

Orúkọ ẹni tó kọ orí tí ẹ lò ló ń wọ àtẹ, kì í ṣe ti olóòtú. Ìwé tí Murphy àti Sanford jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 2001 lórí Ọ̀ṣun ní ọ̀pọ̀ orí, àwọn kan lórí ilẹ̀ Yorùbá, àwọn kan lórí Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá kọ “Murphy àti Sanford, 2001” sí ìlà mẹ́ta, yóò dà bí ẹni pé èèyàn méjì yẹn ló sọ gbogbo rẹ̀, olùdánwò tó bá mọ ìwé náà á sì mọ̀ pé ẹ ò ṣí i.

Ẹ fi hàn mí bí ìpínrọ̀ kan ṣe ń di àpótí.

Ẹ jẹ́ ká mú omi odò. Orúkọ àfiṣàpẹẹrẹ la lò níbí, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bó ṣe wà nínú Orí Kejì nìyí:

“Lágbájá (2012) yẹ omi odò Ọ̀ṣun wò, ó sì rí i pé òjé inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bákan náà, Tàmẹ̀dù (2015) yẹ omi náà wò, ó sì sọ pé òjé inú rẹ̀ kò kọjá ààlà. Lámọrín (2019) náà sọ̀rọ̀ lórí ìdọ̀tí tó ń wọ odò láti inú ìlú. Làkáṣègbè (2021) fi kún un pé ìwakùsà lókè odò ń da omi rú.”

Ẹ wo “bákan náà” yẹn dáadáa. Èèyàn méjì tako ara wọn, ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ wá fi aṣọ bò ó. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú Orí Kejì: “náà”, “fi kún un”, “pẹ̀lú” ń to àwọn iṣẹ́ sórí ìlà bí ẹni pé ohùn wọn ṣọ̀kan.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wa padà sí òpó B nínú àtẹ inú ilé, ó rí i pé oṣù kìíní ni Lágbájá bu omi, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò kéré. Oṣù kẹjọ ni Tàmẹ̀dù bu tirẹ̀, nígbà tí odò kún. Ibi tí wọ́n ti bu ú kò sì dọ́gba. Àpótí méjèèjì wá di:

| Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí | Ibi tí wọ́n ti yapa |
|---|---|
| Ìdọ̀tí ń wọ odò láti inú ìlú (Lámọrín, 2019) àti láti ibi ìwakùsà lókè odò (Làkáṣègbè, 2021). | Òjé kọjá ààlà ní oṣù kìíní (Lágbájá, 2012), kò kọjá ní oṣù kẹjọ (Tàmẹ̀dù, 2015). Kò sẹ́ni tó bu omi lójú kan náà ní ìgbà méjèèjì. |

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kò sí nínú Orí Kejì rárá. Òun sì ni àlàfo. Ìgbà tí a to iṣẹ́ méjì sínú àpótí kan ṣoṣo ló tó yọjú.

Ṣé kí n kọ iye iṣẹ́ tó sọ “bẹ́ẹ̀ ni” àti iye tó sọ “bẹ́ẹ̀ kọ́”?

Rárá. “Iṣẹ́ méje gbà, méjì kọ̀” dà bí ìdìbò, ìwádìí kì í sì í ṣe ìdìbò. Iṣẹ́ kan tó bu omi fún odidi ọdún lè wúwo ju mẹ́rin tó bu ú lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kejì tún wà tó máa ń ba ìkà jẹ́. Èèyàn kan lè kọ ìwé oyè, kó sì tún mú àpilẹ̀kọ méjì jáde láti inú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta lẹ máa kà, ìwádìí kan ni. Ẹ máa mọ̀ ọ́n bí iye àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò bá dọ́gba géérégé, tí ìlú àti oṣù sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ to wọn pọ̀ sínú àkámọ́ kan, kí wọ́n jẹ́ ẹ̀rí kan.

Iṣẹ́ 46 ni mo ní. Èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Bíi 33 ló máa kù. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ẹ fi sọ ìtumọ̀ “ogún”, ìwé tó kọ́ni bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, àti iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà láàárín mẹ́fà nínú àkámọ́ kan láìsí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, gbogbo wọn lè dúró sí Orí Kejì. Kò sẹ́ni tó lé wọn nílé.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó tako gbogbo àwọn tó kù, ẹ má yọ ọ́, bó ti wù kó kéré tó. Òun ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ nígbà tí àyè bá há, òun sì ni olùdánwò máa ń béèrè.

Iṣẹ́ tí mo rí nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí n kò rí fúnra mi ńkọ́?

Ẹ wá a. Bí kò bá ṣeé rí, ẹ kọ “Lágbájá, nínú Tàmẹ̀dù, 2015”. Bí irú rẹ̀ bá ju méjì lọ nínú àtẹ olójú-ewé méjì, ó ti pọ̀ jù.

Ṣé kí n fi àmì ohùn sí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá?

Bó bá ṣe wà lára iṣẹ́ wọn ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tó tẹ orúkọ rẹ̀ láìsí àmì, ẹ má bá a fi kún un, nítorí ẹni tó bá fẹ́ wá iṣẹ́ náà lórí ẹ̀rọ á tẹ ohun tó rí nínú àtẹ yín. Ọ̀rọ̀ tiyín ni kí ẹ fi àmì sí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí ẹ bá ń wá orúkọ odò náà nínú àwọn fáìlì yín, ẹ wá Osun, Oshun àti Ọ̀ṣun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ìwé, ọ̀kan kì í sábà jẹ́ kí a rí èkejì.

Àtẹ mi ti wọ ojú-ewé kẹta. Kí ni kí n kọ́kọ́ gé?

Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kì í ṣe ìwọ̀n lẹ́tà. “Onímọ̀ yìí ṣe ìwádìí, ó sì rí i pé” kò ní iṣẹ́ kankan nínú àpótí, orúkọ tó wà nínú àkámọ́ ti sọ ọ́. Bí kò bá tíì tó, ẹ wò bóyá gbólóhùn méjì ń sọ ohun kan náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dín lẹ́tà kù sí 9.5. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ ju 9.

Ẹ má sì tìtorí àyè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìlà nínú Word, kí ẹ yan `Exactly`, kí ẹ wá tẹ 9 síbẹ̀. Orí lẹ́tà ni yóò gé. Àmì ohùn orí Ọ̀ṣun á lọ, ọgbọ́n àti ọgbọ̀n á di ohun tí èèyàn ń méfò, ẹ lè má sì rí i títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. `Single` ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ yan gbogbo àtẹ náà, kí ẹ ṣí `Table Properties`, lábẹ́ `Row`, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú `Allow row to break across pages`, kí kókó kan má bàa já sí méjì láàárín ojú-ewé. Ẹ wá tẹ inú ìlà àkọlé, kí ẹ yan `Repeat Header Rows` kí àkọlé òpó lè tún fara hàn lókè ojú-ewé kejì. Bí àyè ńlá bá ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ ojú-ewé kìíní lẹ́yìn èyí, ìlà kan ló gùn jù tó fò kọjá. Ẹ gbé ìlà kúkúrú sí ipò rẹ̀.

Méjì ni lórí kọ̀ǹpútà mi, mẹ́ta ni nígbà tí mo lọ tẹ̀ ẹ́. Kí ló dé?

Ohun méjì ló sábà máa ń fà á níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún owó, ì báà jẹ́ ní Òkè-Fìà tàbí nítòsí ilé ẹ̀kọ́. Èkíní, ẹ̀rọ wọn kò ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, ó wá fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò. Èkejì, `Letter` ni wọ́n yàn dípò A4. Bébà yẹn kúrú sí A4: bí ẹ bá yí i dábùú, 27.9 ni fífẹ̀ rẹ̀, òpó tó jẹ́ 25.7 kò ní gbà á mọ́. Ẹ sọ fáìlì náà di `PDF` nílé kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kó yan A4 àti `Actual size`.

Ṣé kí àlàfo ní òpó tirẹ̀?

Ẹni tó bá fún un ní òpó máa ń fi tipátipá wá àlàfo fún ìlà kọ̀ọ̀kan, “kò tíì sẹ́ni tó ṣe é ní Òṣogbo” ni yóò sì kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìyẹn nìkan kò tó. Ó lè jẹ́ pé kò sí ìdí tí Òṣogbo fi máa yàtọ̀. Ẹ fi àlàfo parí òpó ìyapa, ní lẹ́tà tó dagun, kìkì nínú ìlà tí iṣẹ́ tiyín bá máa dáhùn. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlà méjì péré ló ní in: omi odò, àti àṣẹ lórí igbó.

Mo ti parí, iṣẹ́ tuntun kan wá jáde. Ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ fi sínú àtẹ inú ilé, ìlà 48, kí ẹ ti ìlà ìkà sísàlẹ̀, kí ẹ sì yí 47 di 48 nínú rẹ̀. Bó bá kàn ń jẹ́rìí sí ohun tó wà nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ẹ máa fi kún òpó kẹrin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti lọ bu omi lójú kan náà nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti nínú òjò, gbólóhùn “kò sẹ́ni tó bu omi” ti di irọ́, àlàfo yín sì ti dí. Àpótí yẹn lẹ máa tún kọ, kí ẹ sì pe alábòójútó yín lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kì í ṣe àtẹ nìkan ló kàn mọ́.